Bí Olórí Òṣìṣẹ́ Tuntun Ṣe Lè Ṣàlàyé Èso Ìtọ́sọ́nà Rẹ̀ Nígbà Tí Oyè Ṣì Tuntun

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sábà máa ń rí i pé síví rẹ̀ ti wá ṣòro kọ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nígbà tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́, ó lè ka ohun tí ó ṣe: ìwé tí ó kọ, ẹ̀rọ tí ó tún ṣe, oníbàárà tí ó dá lóhùn. Ní báyìí, láti ọwọ́ ẹlòmíràn ni iṣẹ́ rẹ̀ ti ń jáde, oṣù tí ó sì ti lò lórí ipò náà lè má ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ a wá máa kọ ojúṣe dípò èso: “Mo ń bójú tó òṣìṣẹ́ mẹ́fà, mo ń darí ìpàdé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, mo ń fún wọn ní ìṣírí.” Àwọn mìíràn a sì gba èso gbogbo ẹgbẹ́ mọ́ra bí ẹni pé àwọn nìkan ni ó ṣe é. Ẹni tí ó bá ti darí ènìyàn rí, tí ó wá ń ka irú ìwé bẹ́ẹ̀, kì í pẹ́ kí ó tó dá méjèèjì mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé oṣù díẹ̀ tó láti fi ẹ̀rí kan múlẹ̀ dáadáa, bí ẹ bá mọ irú ẹ̀rí tí ẹ ń wá. Ẹ̀rí náà ni pé òṣìṣẹ́ kan wà tí ó ń ṣe ohun kan báyìí tí kì í ṣe tẹ́lẹ̀, ó sì ń ṣe é nígbà tí ẹ kò dúró tì í. Àbójútó lè mú kí ènìyàn ṣiṣẹ́ dáadáa lójú ọ̀gá, ṣùgbọ́n èso ìtọ́sọ́nà ni èyí tí ó ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ọ̀gá ti kọjú sí ibòmíràn. Ó dá mi lójú pé ìtàn kan ṣoṣo irú èyí, tí a wọ̀n dáadáa tí a sì sọ bí ó ṣe rí gan-an, wúwo ju odidi ojú ìwé kan tí ó kún fún ojúṣe lọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ tí ẹ gba oyè hàn kedere

Kí a tó dé orí èso rárá, ọjọ́ ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tò. Bí ẹ bá ti ń bá ilé iṣẹ́ kan ṣiṣẹ́ láti ọdún 2022, tí wọ́n sì fi yín ṣe olórí ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ẹ má ṣe kọ “Olórí ẹgbẹ́, 2022 títí di ìsinsìnyí.” Ìpè kan ṣoṣo sí ilé iṣẹ́ náà yóò tú u, àti ìgbà náà, gbogbo ohun mìíràn tí ẹ kọ yóò di ohun tí a ń fura sí. Ẹ kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì to ipò méjèèjì sí abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tiwọn, kí ti tuntun wà lókè. Oyè tí kò tíì pẹ́ kì í ṣe àbùkù. Ẹni tí ó ń kà á yóò rí i pé àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yín tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi òṣìṣẹ́ lé yín lọ́wọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ ni agbára tí oyè náà gbé fún yín. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe oyè yìí níbi púpọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀ gan-an. Olórí kan ni ó ń fọwọ́ sí ìsinmi, ni ó ń kọ ìwé àgbéyẹ̀wò iṣẹ́, ni ó sì ń dá sí ọ̀rọ̀ gbígbani síṣẹ́. Olórí mìíràn kàn ń pín iṣẹ́ ni, tí ọ̀gá tí ó wà lókè rẹ̀ sì ń ṣe ìyókù. Ẹ fi gbólóhùn kúkúrú kan sọ èyí tí ó jẹ́ tiyín: iye ènìyàn tí ó wà lábẹ́ yín tààrà, àti ìpinnu tí ó jẹ́ pé ọwọ́ yín ni ó parí sí. Bí ẹ kò bá tíì gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́, ẹ má dárúkọ ìgbanisíṣẹ́. Bí ọ̀gá yín bá ní kí ẹ jókòó pẹ̀lú òun nígbà tí òun ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tuntun lẹ́nu wò, ẹ kọ pé ẹ kópa nínú rẹ̀, nítorí òótọ́ ni, ó sì tó.

Ohun tí ẹ ṣe kí oyè tó dé náà ní àyè tirẹ̀. Bóyá ẹ ti kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun méjì níṣẹ́, tàbí ẹ di ipò ọ̀gá mú nígbà tí ó wà ní ìsinmi. Ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ipò àtijọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣe tí ó bá a mu: “mo kọ́”, “mo dípò”, “mo ṣètò”. Ẹ fi “mo darí” pamọ́ fún ìgbà tí ẹ ní àṣẹ lórí ènìyàn lóòótọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ènìyàn kan àti ìṣesí kan

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí olórí tuntun fẹ́ fi hàn pé gbogbo ẹgbẹ́ ti yí padà. Oṣù márùn-ún kéré fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn ohun tí ó ń ti iṣẹ́ ẹgbẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún sì pọ̀: ìgbà tí ọjà ń tà àti ìgbà tí kò tà, ẹ̀rọ tuntun, ẹni tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, òfin tí ilé iṣẹ́ yí padà. Ó nira púpọ̀ láti yọ ipa tiyín sọ́tọ̀ nínú gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ènìyàn kan àti ìṣesí kan nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ lè tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìṣesí náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí a lè fojú rí. “Kò ní ìtara” kì í ṣe ìṣesí. Èrò inú ọ̀gá nípa òṣìṣẹ́ ni. “Kì í ka lẹ́tà oníbàárà dé ìparí kí ó tó dáhùn” jẹ́ ìṣesí, nítorí ẹni méjì lè wò ó kí wọ́n sì gbà pé ó ṣẹlẹ̀ tàbí kò ṣẹlẹ̀. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ó kéré tán lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́sẹ̀, kí ohun tí ẹ óò kà lè wà. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù kò lè sọ ohun kan fún yín nínú àkókò kúkúrú báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan tí a óò bá rìn títí dé òpin. Olórí kan ni wọ́n fi ṣe alábòójútó òṣìṣẹ́ mẹ́fà tí ń dáhùn ẹ̀sùn oníbàárà nípasẹ̀ ímeèlì. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣiṣẹ́ kíákíá, kò sì sí ẹni tí ó ń pariwo lé e lórí, ṣùgbọ́n nínú ẹ̀sùn tí ó bá ti kọ pé ó ti yanjú, púpọ̀ ni oníbàárà tún máa ń gbé padà wá láàárín ọjọ́ 7. Olórí yìí ṣe dáadáa tí kò fi bẹ̀rẹ̀ láti orí “àìbìkítà” tàbí “ìwàǹwára”. Ó béèrè ohun kan ṣoṣo: kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìdáhùn rẹ̀ tí ó ń mú kí oníbàárà padà wá?

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wá bí nǹkan ṣe rí kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìtàn ìtọ́sọ́nà ti ń bàjẹ́, nítorí ìgbà tí a bá ti rí èso tán ni a máa ń rántí pé a kò kọ ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ìdùnnú tó wà níbẹ̀ ni pé àkọsílẹ̀ ilé iṣẹ́ sábà máa ń ti wà lórí kọ̀ǹpútà kí ẹ tó gba oyè, tí ẹ sì lè padà lọ wò ó.

Nínú àpẹẹrẹ wa, olórí náà wo ọ̀sẹ̀ 8 tí ó ṣáájú ìtọ́sọ́nà. Òṣìṣẹ́ náà parí ẹ̀sùn 240, nǹkan bí 30 lọ́sẹ̀. Nínú wọn, 60 ni ó padà wá láàárín ọjọ́ 7, èyí tí í ṣe 1 nínú 4. Fún àwọn márùn-ún yòókù, nǹkan bí 1 nínú 10 ni ó ń padà. Ẹ kíyè sí i pé ó ti pinnu ohun tí “padà wá” túmọ̀ sí kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: ẹ̀sùn kan náà, láti ọ̀dọ̀ oníbàárà kan náà, láàárín ọjọ́ 7. Bí a bá fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tó bá yá, ó rọrùn kí ọkàn ènìyàn máa yan ìtumọ̀ tí ó mú kí èso rẹ̀ dára.

Bí kò bá sí àkọsílẹ̀ kankan, ẹ mú ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kí ẹ fi wò ó lásán, láìsọ ohun tí ẹ fẹ́ yí padà. Ó lè dà bí ẹni pé ẹ ń fi àkókò ṣòfò nígbà tí àwọn tí ó wà lókè ń retí èso, ṣùgbọ́n láìsí i, ẹ kò ní ohun tí ẹ óò fi wé ohunkóhun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ kọ ohun tí ẹ ṣe gan-an sílẹ̀, ní ọjọ́ tí ẹ ṣe é

“Mo tọ́ ọ sọ́nà” kò sọ ohun kan fún ẹni tí ń kà á. Kí ni ẹ ṣe? Fún wákàtí mélòó? Ta ni ó sọ̀rọ̀ jù? Ẹ ní ìwé kékeré kan tàbí fáìlì kan, kí ẹ sì kọ ìlà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́yìn ìjókòó kọ̀ọ̀kan: ohun tí a wò, ìbéèrè tí mo bi í, ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun yóò ṣe, ọjọ́ tí a óò tún wò ó.

Olórí inú àpẹẹrẹ wa jókòó pẹ̀lú òṣìṣẹ́ náà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọ̀ọ̀kan, fún ọ̀sẹ̀ 6. Wọ́n a jọ ka ẹ̀sùn márùn-ún tí ó padà wá, láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ oníbàárà títí dé ìdáhùn. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, wọ́n ka èyí tí oníbàárà ti kọ pé wọ́n yọ owó òun lẹ́ẹ̀mejì, tí ó sì fi kún un ní ìlà tí ó gbẹ̀yìn pé òun kò sì lè wọlé sí àkáǹtì òun mọ́. Òṣìṣẹ́ náà ti dáhùn ọ̀rọ̀ owó dáadáa, pẹ̀lú sùúrù àti ọ̀wọ̀, ó sì parí ẹ̀sùn náà níbẹ̀. Kò sọ ohunkóhun nípa àkáǹtì.

Ó wu ọ̀gá láti sọ ọ́ fún un. Dípò bẹ́ẹ̀, ó béèrè pé, “Bí ìwọ bá ni oníbàárà yìí, tí o ka ìdáhùn wa tán, kí ni ìwọ yóò tún kọ̀wé béèrè lọ́la?” Òṣìṣẹ́ náà tún lẹ́tà náà kà, ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Àkáǹtì. Mi ò dá a lóhùn lórí àkáǹtì.” Nígbà tí wọ́n ka mẹ́rin yòókù, mẹ́ta rí bákan náà: ìbéèrè kejì wà ní ìsàlẹ̀ lẹ́tà, ó sì ti fò ó. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra rẹ̀ dábàá pé kí òun tó tẹ bọ́tìnì tí ó ń parí ẹ̀sùn, òun yóò máa padà ka ìlà mẹ́ta tí ó gbẹ̀yìn nínú lẹ́tà oníbàárà. Ọ̀gá kò fi ohun kan kún un.

Mo dúró lórí èyí nítorí pé ibí gan-an ni ìyàtọ̀ wà. Bí ọ̀gá bá ti pàṣẹ pé “Máa ka lẹ́tà dé òpin,” a lè pè é ní ìkìlọ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Òṣìṣẹ́ yìí rí àlàfo náà fúnra rẹ̀, ó sì yan ọ̀nà tí òun yóò fi dí i. Nígbà tí ẹ bá ń ṣàlàyé ìtọ́sọ́nà yín, ẹ rí i dájú pé ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe hàn pẹ̀lú ohun tí ẹ̀yin ṣe, torí bí òṣìṣẹ́ kò bá ṣe ohun kankan nínú ìtàn yín, a jẹ́ pé ẹ kò tíì ṣàlàyé ìtọ́sọ́nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ dáwọ́ dúró, kí ẹ sì tún kà

Ìgbésẹ̀ yìí ni ó ṣe pàtàkì jù, òun sì ni ọ̀pọ̀ olórí tuntun máa ń fò. Ìgbà tí ìjókòó ọjọ́ Ìṣẹ́gun ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀sùn 174 ni òṣìṣẹ́ náà parí ní ọ̀sẹ̀ 6, 29 ni ó sì padà, èyí tí í ṣe 1 nínú 6. Ó ti dára ju ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ náà mọ̀ pé ọ̀gá yóò ka ìdáhùn òun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A kò tíì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá sí ẹni tí ń kà á.

Ọ̀gá náà wá sọ fún un pé ìjókòó náà ti parí, pé ó lè wá bá òun bí ohun kan bá ta kókó, ó sì fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4. Kò ka ìdáhùn rẹ̀ kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4 náà, ó tún dúró fún ọjọ́ 7 sí i, nítorí ẹ̀sùn tí a parí ní ọjọ́ tí ó gbẹ̀yìn ṣì lè padà wá. Bí a bá kà á ṣáájú, èso yóò dára ju bí ó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀sùn 120 ni òṣìṣẹ́ náà parí ní ọ̀sẹ̀ 4 yẹn, 13 ni ó padà, nǹkan bí 1 nínú 9. Kò fà sẹ́yìn lẹ́yìn tí ọ̀gá kúrò níbẹ̀. Ńṣe ni ó tilẹ̀ ń sún mọ́ àwọn yòókù.

Ọ̀sẹ̀ 8, ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 4 àti ọjọ́ 7: gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ 19, apá kan nínú ọ̀sẹ̀ 8 àkọ́kọ́ sì lè jẹ́ ìgbà tí oyè kò tíì dé, nítorí àkọsílẹ̀ ni a fi wò ó. Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé oṣù díẹ̀ tó.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ béèrè ohun mìíràn tí ó lè fà á

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun sí síví, ẹ jókòó sí ipò ẹni tí kò gbà yín gbọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò bi yín, ó sì sàn kí ẹ ti bi ara yín.

Èkíní: ṣé irú iṣẹ́ kan náà ni òṣìṣẹ́ yìí ṣì ń ṣe? Bí wọ́n bá ti kó ẹ̀sùn tí ó le fún ẹlòmíràn ní àárín kan, iye tí ń padà yóò dínkù láìsí ìtọ́sọ́nà kankan. Ẹ wo irú ẹ̀sùn tí ó wà nínú ọ̀sẹ̀ 8 àkọ́kọ́ àti ọ̀sẹ̀ 4 ìkẹyìn, kí ẹ rí i pé wọ́n jọ ara wọn.

Èkejì: ṣé gbogbo ẹgbẹ́ ni ó yí padà? Bí ti àwọn márùn-ún yòókù náà bá ti bọ́ láti 1 nínú 10 sí 1 nínú 20 ní àkókò kan náà, a jẹ́ pé ohun kan tí ó kan gbogbo ènìyàn ni ó ṣẹlẹ̀, bóyá ọjà dára sí i ni tàbí ẹ̀rọ tuntun dé. Nínú àpẹẹrẹ wa, tiwọn dúró sí bí 1 nínú 10 láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ tún wo bóyá ohun kan bàjẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Òṣìṣẹ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fara balẹ̀ lè di ẹni tí ń pẹ́ jù. Òṣìṣẹ́ wa ń parí 30 lọ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó di 29 nígbà ìtọ́sọ́nà, ó sì padà sí 30. Kò sí ohun tí a pàdánù.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá burú jù ní àkókò kan sábà máa ń dára díẹ̀ ní àkókò tí ó tẹ̀ lé e, yálà a tọ́ ọ sọ́nà tàbí a kò tọ́ ọ, nítorí pé apá kan nínú ohun tí ó mú kí ó burú bẹ́ẹ̀ jẹ́ ohun tí ó ń bọ̀ tí ó sì ń lọ. Bí ẹ bá mú ẹni tí ó ní ọ̀sẹ̀ kan tí kò dára, tí ẹ bá a sọ̀rọ̀, tí ọ̀sẹ̀ kejì sì dára, ẹ kò tíì fi ohun kan hàn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ìbẹ̀rẹ̀ gùn tó. Ọ̀sẹ̀ 8 tí ó dúró sí 1 nínú 4, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, kì í ṣe àjálù ọjọ́ kan. Síbẹ̀, ènìyàn kan ṣoṣo ni, nítorí náà ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti fi hàn pé ọ̀nà yín ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ kọ gbólóhùn náà

Síví kò ní àyè fún gbogbo ìtàn yìí, ṣùgbọ́n gbólóhùn méjì lè gbé e. Ohun tí olórí náà kọ́kọ́ kọ nìyí: “Mo darí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, mo sì mú kí iṣẹ́ wọn dára sí i gidigidi nípasẹ̀ ìtọ́sọ́nà tó múná dóko.” Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́. Èyí tí ó fi rọ́pò rẹ̀ ni:

“Olórí òṣìṣẹ́ 6 tí ń dáhùn ẹ̀sùn oníbàárà láti oṣù Kẹta ọdún 2025, èmi ni mo ń fọwọ́ sí ìsinmi wọn, tí mo sì ń kọ ìwé àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ wọn. Mo tọ́ òṣìṣẹ́ kan sọ́nà fún ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ̀sùn rẹ̀ tí ń padà wá láàárín ọjọ́ 7 dínkù láti 1 nínú 4 sí 1 nínú 9 ní ọ̀sẹ̀ 4 tí ó tẹ̀ lé ìparí ìtọ́sọ́nà náà, iye ẹ̀sùn tí ó ń parí lọ́sẹ̀ kò sì yí padà.”

Ẹ wo bí ó ṣe kọ ọ́. Kò pè é ní “ìdínkù tí ó ju ìdajì lọ”, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òótọ́ ni, torí ẹni tí ń kà á yóò fẹ́ mọ ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó dé. Kò sì fi ìdá ọgọ́rùn-ún ka ènìyàn. Bí ẹ bá tọ́ ènìyàn mẹ́rin sọ́nà tí mẹ́ta sì yí padà, ẹ kọ “3 nínú 4”. Bí ẹ bá kọ “75 nínú ọgọ́rùn-ún”, yóò dà bí ẹni pé ẹ ń fi ọwọ́ bo bí wọ́n ṣe kéré tó. Bákan náà ni “kò sí òṣìṣẹ́ tí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ mi” kò níye lórí nínú oṣù márùn-ún fún ènìyàn mẹ́fà, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má lọ bó ti wù kí ọ̀gá rí.

Bí iye ẹ̀sùn tàbí owó tí ń wọlé bá jẹ́ àṣírí ilé iṣẹ́, ìṣirò irú 1 nínú 4 yìí máa ń gbà yín, torí kò tú iye gidi síta.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ múra sílẹ̀ de ìbéèrè tí yóò tẹ̀ lé e

Nígbà ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ sọ ìtàn náà ní bí ìṣẹ́jú méjì, kí ẹ sì dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí bí nǹkan ṣe rí, ẹ sọ ohun tí ẹ rí nígbà tí ẹ jọ ka ẹ̀sùn, ẹ sọ ìbéèrè tí ẹ bi òṣìṣẹ́ àti ohun tí òun yàn láti ṣe, kí ẹ tó wá sọ èso. Ẹ lo “mo” fún ohun tí ẹ ṣe, “òun” fún ohun tí òṣìṣẹ́ ṣe, kí ẹ sì fi “a” sílẹ̀ fún ohun tí ẹ jọ ṣe lóòótọ́. Bí gbogbo gbólóhùn bá jẹ́ “a”, agbanisíṣẹ́ kò ní mọ ibi tí ẹ dúró sí. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ “mo”, yóò rò pé ẹ gba iṣẹ́ ẹlòmíràn mọ́ra.

Ìbéèrè tí ó sábà máa ń tẹ̀ lé e ni, “Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé ẹ̀yin ni ẹ fà á?” Ìdáhùn tí ó dára lè rí báyìí: “Mi ò lè búra pé èmi nìkan ni, ṣùgbọ́n irú ẹ̀sùn tí ó ń gbà kò yí padà, ti àwọn yòókù kò sì yí padà ní àkókò yẹn. Ohun tí ó yí padà ni pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í padà ka ìparí lẹ́tà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì yan ìyẹn.” Ẹni tí ó bá lè sọ ibi tí ẹ̀rí rẹ̀ dé máa ń fi ọkàn olùgbọ́ balẹ̀.

Wọ́n tún lè béèrè pé, “Ta ni kò yí padà?” Ẹ má ṣe dáhùn pé kò sí. Ẹ mú ìtàn kejì dání, nípa ìtọ́sọ́nà tí kò so èso, pẹ̀lú ohun tí ẹ rí pé ó fà á. Fún àpẹẹrẹ, olórí kan lè tọ́ òṣìṣẹ́ kan sọ́nà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lórí bí ó ṣe ń pẹ́ fi ìròyìn ránṣẹ́, kí ó tó wá rí i pé ẹ̀ka mìíràn ni kì í tètè fún un ní ohun tí yóò kọ. Ìtọ́sọ́nà kò lè yanjú ìyẹn. Lílọ bá olórí ẹ̀ka kejì ni ó yanjú rẹ̀. Ìtàn irú èyí fi hàn pé ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí òṣìṣẹ́ kò mọ̀ ọ́n ṣe àti ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ìmọ̀ yìí sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ àwọn tí oyè wọn ṣì tuntun.

Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ìtàn náà dá lé lórí

Nínú ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́fà, àìdárúkọ nìkan kò bo ènìyàn. Bí ẹ bá gbé ìtàn yìí sí ojú ewé gbangba lórí ayélujára, gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ yóò mọ ẹni tí ẹ ń sọ. Ní gbangba, ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ tí kò dára sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ̀nà tí ẹ gbà àti èso. Nínú síví tí ẹ fi ránṣẹ́ sí agbanisíṣẹ́ kan àti nínú ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, ẹ lè sọ ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má dárúkọ, ẹ má sọ ọjọ́ orí rẹ̀, àìsàn rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣàlàyé nǹkan. Tí ìbáṣepọ̀ yín bá gbà á, ẹ ka gbólóhùn náà sí òṣìṣẹ́ náà létí, kí ẹ sì béèrè bóyá bí ó ṣe rí nìyẹn. Ó lè rán yín létí ohun kan tí ó ràn án lọ́wọ́ tí ẹ kò kà sí.

Bí èso kò bá tíì jáde

Ó ṣeé ṣe kí ẹ nílò síví lónìí, nígbà tí ẹ ṣì wà ní ọ̀sẹ̀ kẹta ìtọ́sọ́nà. Ẹ kọ ohun tí ó wà nílẹ̀: “Mo ń tọ́ òṣìṣẹ́ kan sọ́nà lọ́wọ́lọ́wọ́ lórí ẹ̀sùn tí ń padà wá, 1 nínú 4 ni ó wà nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a óò tún kà á ní ìparí oṣù Keje.” Èyí sàn ju èso tí a sọ ṣáájú àkókò lọ, nítorí ó fi hàn pé ẹ ti wọn ìbẹ̀rẹ̀, ẹ sì mọ ọjọ́ tí ẹ óò wo òpin. Bí wọ́n bá pè yín fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní oṣù Kẹjọ, ẹ mú iye tuntun náà dání, ì báà dára, ì báà má dára.